Ìlà Kan Lábẹ́ Orúkọ Tíṣà

Ọmọbìnrin kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ọdún mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń wáṣẹ́ dátà lórí LinkedIn, kò sẹ́ni tó kí mi." Ohun tí mo kà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyí:

```
Passionate Educator | Lifelong Learner | Aspiring Data Analyst
```

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Tíṣà mẹ́ta tí mo ti bá jókòó ti irú iṣẹ́ yìí ni mo pa pọ̀ di ẹyọ kan, mo sì yí àwọn iye inú ìtàn wọn padà díẹ̀, kí àwọn ọ̀gá iléèwé wọn má baà dá wọn mọ̀. Tíṣà ni n ó máa pè é.

Ẹni tí kò bá mọ LinkedIn, ibùdó kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ìtàn iṣẹ́ wọn sí, tí àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ sì ti ń wá wọn kiri. Ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ ni wọ́n ń pè ní Headline. Lẹ́tà 220 ló lè gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú iye náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni About wà, níbi téèyàn ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe. Ìyẹn lè gba lẹ́tà 2,600. Ibi méjèèjì yìí ni Tíṣà fẹ́ kí a tún kọ. Ó rò pé About ló máa gba àkókò. Ìlà kékeré yẹn ló gba ìrọ̀lẹ́ wa tán.

Mo bi í pé, "Ta lo rò pé ó ń wá ẹ?" Ó ní, "Àwọn iléeṣẹ́." Mo ní rárá, ẹnì kan ni. Ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, wọ́n ní kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ dátà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ṣí àpótí ìwákiri, ó tẹ `"data analyst" AND "Power BI"` sí i, ó yan Nàìjíríà, ó sì ń wo orúkọ tó ń jáde. Ohun tó ń kọ́kọ́ rí nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán, orúkọ, ìlú àti ìlà abẹ́ orúkọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń pinnu ẹni tí yóò tẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń wò ó, ìlà náà tún lè má hàn tán, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó fi gbọ́dọ̀ wà níwájú.

Ní báyìí, ẹ tún ìlà Tíṣà kà. `Passionate Educator` ló gba iwájú. Ta ló máa tẹ ìyẹn nígbà tó ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dátà? `Lifelong Learner` kò sọ nǹkan kan. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà lè kọ ọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìlà náà tán la tó rí iṣẹ́ tó ń wá, `Aspiring` sì ti dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó fẹ́ ránṣọ kì í béèrè ẹni tó ń wù láti di télọ̀. Ó ń béèrè télọ̀. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn tó kọ `Transitioning` síbẹ̀: ọ̀rọ̀ náà ń sọ ohun tó ń ṣe ẹni tó kọ ọ́, kò sọ ohun tó lè ṣe fún ẹni tó ń kà á.

Tíṣà gbọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kọ Data Analyst gbọọrọ síbẹ̀, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́ dátà rí."

Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú àyípadà yìí bi ara rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ibi méjì ló wà. Ipò tí wọ́n gba èèyàn sí ló ń wà ní abala Experience. Ibẹ̀ ni `Mathematics Teacher` máa wà, pẹ̀lú orúkọ iléèwé àti ọdún tó pé, torí wọ́n lè tẹ iléèwé náà láago, wọ́n á sì béèrè. Ẹni tó bá yí ìyẹn padà ti purọ́. Iṣẹ́ téèyàn lè ṣe ni Headline ń sọ. Bí ẹni náà bá ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, kódà láìgba owó lórí rẹ̀, tó sì lè gbé e jáde bí wọ́n bá ní kó fi hàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà. Tí kò bá tíì ṣe é, kó fi orúkọ náà sílẹ̀ ná, kó lọ ṣe é.

Mo wá bi í pé, "Ǹjẹ́ o ti fi dátà dáhùn ìbéèrè kan rí, tí ẹlòmíì sì fi ìdáhùn yẹn ṣe nǹkan?"

Ó dákẹ́. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ bírọ́ọ̀díṣíìtì, bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà mọ ìwé ńlá yẹn, níbi tí wọ́n ń kó máàkì gbogbo iṣẹ́ tí kíláàsì kan ń ṣe jọ sí lópin sáà. Ní iléèwé rẹ̀, ọmọ 214 ló wà ní SS2. Tíṣà mẹ́rìnlá ń mú máàkì wá lórí ìwé, 40 fún iṣẹ́ àárín sáà, 60 fún ìdánwò. Àwọn tíṣà kíláàsì á wá fi kakulétọ̀ rò ó pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń fi jókòó tì í, àṣìṣe kì í sì í tán níbẹ̀. Tíṣà ṣe ìwé Excel kan fún wọn, ojú ewé kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ 47 sí ibi tí kò yẹ kí máàkì ju 40 lọ, ìwé náà kò ní gbà á. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì wá di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, pírínsípà béèrè iye ọmọ tí kò gba 40 nínú ìṣirò. Tíṣà tẹ èyí:

```
=COUNTIF(F2:F215,"<40")
```

Ìdáhùn jẹ́ 61. Kò dúró síbẹ̀. Ó padà sídìí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ náà, ó kọ máàkì tí wọ́n gbà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn ṣubú. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ ni, irú èyí tí bàbá kan ti dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn di ìṣirò. Iléèwé bá fi ẹ̀kọ́ kan kún ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nìkan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ 38 nínú 207 ni kò gba 40.

Mo ní, "O sì ní o ò ṣe iṣẹ́ dátà rí?"

Ohun tí mo máa ń rí lára àwọn tíṣà nìyí. Wọ́n ti kó dátà jọ, wọ́n ti yọ àṣìṣe inú rẹ̀, wọ́n ti rí nǹkan kan fà yọ, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ti fi ṣe ìpinnu. Orúkọ tí iléèwé ń pè é ló fi í pa mọ́ fún wọn. Nínú ìwé tí Tíṣà kọ fúnra rẹ̀, kò sí bírọ́ọ̀díṣíìtì níbì kankan, ṣùgbọ́n ó fi ìlà mẹ́rin sọ bó ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ẹni tó wà ní Èkó yẹn kò ní fi ṣe nǹkan kan.

A wá kọ ìlà tuntun. Ó kọ Excel, SQL, Power BI. Mo ní kó dúró lórí SQL. Ó ti ń wo fídíò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní ká sọ pé gbogbo máàkì yẹn wà nínú tábìlì kan tó ń jẹ́ scores, kó sọ fún mi iye ọmọ tí kò gba 40 ní apá kọ̀ọ̀kan kíláàsì náà. Ó mọ̀ pé ó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SELECT. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wo òkè àjà. Ohun tí mo ń retí kò ju báyìí lọ:

```
SELECT arm, COUNT(*)
FROM scores
WHERE total < 40
GROUP BY arm;
```

Ìdánwò tí mo máa ń fi yan ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wọ Headline nìyẹn: tí wọ́n bá pè ọ́ lọ́la pé kó o jókòó ṣe é, ṣé wàá ṣe é? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń fún èèyàn nírú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹni tí SQL bá sì gbé dé iwájú wọn, SQL náà ló máa tú u fó níbẹ̀. A yọ ọ́ kúrò. Ohun tó kù nìyí:

```
Data Analyst | Excel, Power BI | Education & Exam Data | 9 yrs Mathematics Teacher
```

Lẹ́tà 82 ni. Àyè ṣì wà dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kéèyàn kún un. Orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ló ṣáájú, irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni irú dátà tó mọ̀ dunjú. Iṣẹ́ tíṣà wà níparí, mi ò sì jẹ́ kó yọ ọ́ nígbà tó fẹ́ yọ ọ́. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta lórí Power BI pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn tó mọ bí máàkì ṣe ń dé orí ìwé, tó sì mọ ibi tí irọ́ máa ń wọ inú rẹ̀, kò pọ̀ rárá. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́, tó ń ta ẹ̀rọ ìdánwò, tàbí àjọ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọdé máa dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó kan About. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, bó ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri fún àwọn àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní òun fẹ́ràn láti `impact knowledge`. (`Impart` lọ̀rọ̀ yẹn o, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́. Mo ti rí i nínú ìwé ìwáṣẹ́ débi pé ó ti ń jọ òótọ́ lójú mi.) Ìtàn ṣọ́ọ̀kì náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà, nítorí pé ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni About ń fi hàn. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí yóò fi ìyókù hàn. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ bóyá yóò tẹ̀ ẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni Tíṣà fi kọ tirẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wá a. Ohun tí ìlà àkọ́kọ́ sọ lédè wa nìyí: "Mo máa ń kó máàkì tó wà káàkiri jọ, mo sì ń fi dáhùn ohun tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀. Ní iléèwé kan tí ọmọ 214 wà ní kíláàsì kan, mo fi Excel kó máàkì tíṣà 14 jọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta." Kò sí 'mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun' níbẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta ti mọ ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ìpínrọ̀ kejì ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Tíṣà ti kọ ọ́ pé òun dín iye ọmọ tó ń fìdí rẹmi kù láti 61 sí 38. Mo bi í pé, "Ṣé àwọn ọmọ kan náà ni?" Ó ní rárá, àwọn tọdún kejì ni 207 yẹn. "Ṣé ìdánwò kan náà ni?" Rárá. "Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ ló ṣe é?" Ó rẹ́rìn-ín, torí òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má máa fo ìlà nínú ìṣirò. Ó lè jẹ́ pé orí àwọn ọmọ ọdún kejì pé jù. Ó lè jẹ́ pé ìdánwò wọn rọrùn. Ẹni tó bá ń wá onímọ̀ dátà máa béèrè èyí kó tó béèrè ohunkóhun mìíràn, torí iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn, láti mọ ohun tí iye kò lè sọ.

Bí a ṣe tún un kọ nìyí: "Mo to máàkì ìdánwò ní ìbéèrè sí ìbéèrè, mo sì rí i pé ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń pàdánù jù. Iléèwé fi ẹ̀kọ́ kan kún un nítorí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdá àwọn tí kò gba 40 jẹ́ 18.4 nínú 100; 28.5 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ni, nítorí náà mi ò lè sọ pé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló ṣe é." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni Tíṣà rò pé yóò ba ọjà òun jẹ́. Èmi rò pé òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tó kọ. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé a fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sí i, torí pé 61 àti 38 kò ti inú iye kan náà wá.

Ó fẹ́ gbé ìwé Excel náà fúnra rẹ̀ sí abala Featured, kí àwọn èèyàn lè rí i. Mo ní kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú sì ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó pẹ̀lú, torí pé nínú kíláàsì kékeré, ẹni tó gba ipò kìíní tàbí tó kẹ́yìn kì í fara sin. Ohun tó gbé síbẹ̀ dípò rẹ̀ ni iṣẹ́ mìíràn tó fi Power BI ṣe, lórí owó oúnjẹ tí àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, National Bureau of Statistics, ń gbé jáde ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Gàrí àti tòmátì ló mú. Ẹnikẹ́ni lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpínrọ̀ kẹta kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ó ní òun ti dúró níwájú àwọn òbí ní ìpàdé iléèwé, tí òun sì fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àbájáde ìdánwò fún àwọn tí kò mọ ìṣirò. Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ mọ ìtumọ̀ ìyẹn, torí ó ti rí ọ̀pọ̀ tó lè ya àwòrán dátà tí kò sì lè sọ ohun tó túmọ̀ sí. Níbi tó ti kọ SS2, a fi 'ọdún kejì girama àgbà' kún un, nítorí ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ló kọ irú iṣẹ́ tó ń wá, pé òun lè wá sí Èkó tàbí kí òun máa ṣe é láti ilé, àti àdírẹ́sì ímeèlì. Mi ò jẹ́ kó fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Gbogbo LinkedIn ló lè ka About, àwọn oníjìbìtì sì ń kà á pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ pírínsípà, tí òun náà wà lórí LinkedIn. Àmì aláwọ̀ ewé tó ń yí àwòrán èèyàn ká, tó ń sọ pé ó ń wáṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ yọ lórí ti Tíṣà. Ní Open to work, `Recruiters only` la yan. LinkedIn ní àwọn ń gbìyànjú kí àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ téèyàn wà lọ́wọ́ má rí i, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ sọ̀yà. Nígbà tó ń tún Experience ṣe, a pa `Notify network` kó tó fi pa mọ́. Headline fúnra rẹ̀ kò ṣeé fi pa mọ́ o. Ẹni tó bá wo ojú ewé rẹ̀ máa rí i, mo sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ `Save`.

Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó kàn máa kọ iye méjì sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan: `Search appearances`, ìyẹn iye ìgbà tó yọ nínú ìwákiri àwọn èèyàn, àti `Profile views`, ìyẹn iye àwọn tó ṣí ojú ewé rẹ̀. Iye méjèèjì ló ń sọ ibi tó ń jò. Bí kò bá yọ nínú ìwákiri, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Bó bá ń yọ tí wọn ò ṣí i, Headline kò fà wọ́n mọ́ra. Bí wọ́n bá ń ṣí i tí kò sẹ́ni tó kọ̀wé, ẹjọ́ About ni, tàbí kí iṣẹ́ tó wà ní Featured má tíì tó. Ẹni tó bá yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Tirẹ̀ yọ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sì ṣí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí i ní iṣẹ́ wà nílẹ̀, kó kàn san 15,000 náírà fún fọ́ọ̀mù; ó dínà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kejì, obìnrin kan láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdánwò, kò tilẹ̀ kí i tán kó tó béèrè bó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ìdánwò ọdún kejì ló rọrùn. Tíṣà kọ̀wé padà pé òun kò mọ̀, àmọ́ pé ìwé ìbéèrè ọdún méjèèjì wà lọ́wọ́ òun, òun sì lè fi ìbéèrè tó jọra nínú wọn wéra tí wọ́n bá fún òun ní ọjọ́ méjì. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Mo kàn béèrè bó ti bá SQL dé, ó ní GROUP BY ti yé òun, JOIN ló ń dà á láàmú.